Sí Olùkọ́ Ìṣirò Mi, Lọ́jọ́ Tí Ẹ Pé Ọgọ́ta Ọdún

Olùkọ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, Mà. Ẹ kú ewu ọdún. Bí mo ṣe jí láàárọ̀ yìí, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ẹ ti pé ogún mẹ́ta. Mo bú sẹ́rìn-ín, torí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi láti máa tú nọ́ńbà palẹ̀ báyẹn.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí nọ́ńbà tó kéré sí òdo dá wahala sílẹ̀ ní kíláàsì wa? A ní nígbà tí kò ti sí nǹkan kan nílẹ̀ mọ́, kí ni a ó tún máa yọ? Ẹ pa ìwé dé, ẹ ní kí n dìde kí n máa kà láti mọ́kànlá lọ. Mo dé márùndínlógún, ẹ ní, "Dúró níbẹ̀. Kí lo sọ yẹn?" Mo tún un sọ. Ẹ kọ 20 − 5 sójú pátákó. Ẹ ní ká tú márùndínláàádọ́ta wò, ó di (3 × 20) − 10 − 5. Ẹ wá wò wá, ẹ ní, "Ẹnu yín ti ń yọ ọ́ láti kékeré, ọwọ́ yín ni kò tíì mọ̀." Lẹ́yìn náà lẹ fa ìlà, ẹ fi òdo sí àárín rẹ̀, ẹ sì ń fi ìka rìn kọjá rẹ̀ lọ sápá òsì. Láti ọjọ́ yẹn ni ìṣirò ti kúrò ní nǹkan àjèjì lójú mi.

Èyí tí mi ò fẹ́ràn nígbà náà ni bírò pupa yín. Màá ṣe 3x + 7 = 22, màá rí i pé x = 5, ẹ ò ní sàmì sí i pé mo gbà á. Ẹ ó kọ "Báwo lo ṣe mọ̀?" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kí n mú ìdáhùn padà sílé tó ti jáde, kí n wò ó bóyá wọ́n á gbà á wọlé: 3 × 5 + 7. Mo máa ń kùn. Mo rò pé ẹ kàn fẹ́ fi ìyà jẹ mí ni. (Ti ìsọdipúpọ̀ tí ẹ ń mú wa kà ní àkàsórí, ìyà gidi nìyẹn, mi ò tíì gbàgbé.)

Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Òru ni, èmi ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé ọmọ kan wá, ara rẹ̀ gbóná, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 12. Dókítà ní ká fún un ní parasítámọ́ọ̀lù olómi, mìlígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 180. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ní mìlígíráàmù 120 nínú mìlílítà 5, torí náà 180 ÷ 120 × 5. Oorun ń kùn mí, mo kọ 75 sílẹ̀. Mo ti na ọwọ́ sí ìgò oògùn kí n tó gbọ́ ohùn yín: báwo lo ṣe mọ̀? Mo mú un padà sílé: 75 ÷ 5 × 120, ó jẹ́ 1,800. Ilé ò gbà á. Àmì kékeré tó yẹ kó wà láàárín 7 àti 5 ni mo fò.

Mi ò pa á mọ́ra. Mo pe nọ́ọ̀sì àgbà, mo fi ìwé hàn án, mo ní, "Mo ṣì í." Ibi tí mo ti kọ́ ìyẹn gan-an ni iwájú pátákó yín, lọ́jọ́ tí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá sọ pé àmì ìyọkúrò yín ti sọnù. Gbogbo wa dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní, "Mo ṣì í, o ṣeun," ẹ sì ní ká pàtẹ́wọ́ fún un. Àgbàlagbà lẹ, olùkọ́ lẹ, ẹ ò sì bínú. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lóru ọjọ́ náà mu mìlílítà 7.5, ó sì sùn.

Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ ó pẹ́ fún wa nínú ìlera, ojú yín ò ní ṣú, ẹ ó sì jèrè gbogbo wa. Màá pè yín lálẹ́. Tí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ìṣirò tó wà lókè yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bírò pupa sàmì sí i kí ẹ fi í ránṣẹ́ padà.

Èmi ni ọmọ yín,
tí ẹ máa ń pè ní Oníkánjú