Jẹnẹrétọ̀ 3.5kVA TK3900E: ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá yín tún un ṣe?

Irú ẹ̀rọ: jẹnẹrétọ̀ epo bẹntiróòlù, oníkọ́kọ́rọ́ àti onífífà
Iye rẹ̀ ní Alábà: ₦420,000 sí ₦450,000, bí ẹ bá ṣe ná an sí
Ara àti ẹ́ńjìnnì: 9 nínú 10
Ìtọ́jú lẹ́yìn títà: 3 nínú 10

Ara rẹ̀

Kílò 47 ni ó wọ̀n láìsí epo nínú rẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ 3.5kVA sí lára lọ́jà fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé alumíníọ́mù tí wọ́n fi àwọ̀ kọ́pà bò ni kọ́ìlì inú wọn. A tú ìdérí ẹ̀yìn TK3900E, a fi ẹnu ọ̀bẹ ha kọ́ìlì náà níbi tó ti wọ inú irin, kì í ṣe ní ẹnu wáyà tó yọ síta. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan máa ń jó kọ́pà díẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà kí oníbàárà lè rí pupa kó sì sanwó. Ti èyí pupa dénú. Alumíníọ́mù ń dènà iná ju kọ́pà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀, òun ló fi máa ń gbóná kíákíá, tí ìdè rẹ̀ sì máa ń jó bí lóòdù bá pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì 208cc, 7HP ló wà lábẹ́ tánkì. Páìpù férémù rẹ̀ nípọn, wọ́n jó o yípo, kì í ṣe pé wọ́n kàn tọ́ iná sí i lójú kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà mẹ́rin tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró le dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi máa ń rìn kiri lórí sìmẹ́ǹtì bó bá ń ṣiṣẹ́. Asẹ́ wà lẹ́nu tánkì, òmíràn sì wà lábẹ́ kọ́ọ̀kì epo. Epo tí wọ́n ń fi jálá gbé kiri l'Ékòó nílò méjèèjì.

Nígbà tí kò sí lóòdù, mítà ka 231V àti 52Hz. A gbé 2,500W lé e, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 225V àti 50Hz, ó sì dúró síbẹ̀. Pọ́ǹpù omi 1HP, fírísà kan, fáànù mẹ́ta àti gílóòbù ilé, ó gbé gbogbo rẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá ń ta, iná máa ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó gbéra, èyí kò burú. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ ta pọ́ǹpù àti áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà. Tánkì lítà 15 gbé 1,500W fún nǹkan bíi wákàtí 11.

Ohun tó gba máàkì kan lọ́wọ́ rẹ̀: sọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bátìrì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ (12V, 7Ah) sì kéré. Bí ẹ kò bá tan án fún oṣù kan, ìfà ni ẹ máa fà.

Ọ́ìlì àti wáyà yẹ́lò

Ọ́ìlì 0.6 lítà ni ó ń gbà. Ẹ pààrọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí 20, nítorí ìyẹ̀pẹ̀ irin tuntun máa ń já sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní wákàtí 50 sí 100. Àlàfo ẹnu pílọ́ọ̀gì jẹ́ 0.7 sí 0.8 mm.

Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ yìí máa ń pa ara rẹ̀. Ó tún lè kú bí ilẹ̀ tó wà kò bá tẹ́jú, bí ọ́ìlì tilẹ̀ pé. Mẹkáníìkì àdúgbò yóò ní kí ẹ jẹ́ kí òun gé wáyà yẹ́lò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé rárá. Lọ́jọ́ tí ọ́ìlì bá gbẹ lóòótọ́, kọ́ńrọ́ọ̀dù ni yóò já, iye rẹ̀ kì í sì í ṣe ti wáyà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó tán

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Káàdì wárántì sọ pé oṣù 12. Ẹ yí i padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: AVR, ohun tó ń mú kí fóltì iná dúró sójú kan, kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kábúrétọ̀, bátìrì, pílọ́ọ̀gì àti ilé kọ́kọ́rọ́. Ohun tó kù ni ara irin àti kọ́ìlì, àwọn gan-an tí kì í bàjẹ́. AVR sì ni ohun tó máa ń kọ́kọ́ kú nínú jẹnẹrétọ̀ báyìí.

Ìdí tó fi ń kú rọrùn láti mọ̀. Bí epo bá tán nígbà tí lóòdù ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa kọsẹ̀, ìyípo á máa rẹlẹ̀, AVR á sì máa ti iná sí i sínú rótọ̀ kí fóltì má baà sọ̀ kalẹ̀. Iná yẹn ló ń sun ún. Nítorí náà, ẹ pa bíréékà kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì jẹ́ kí epo tán lábẹ́ lóòdù.

AVR tó wọ́pọ̀ ní Alábà kò tó ₦15,000, ṣùgbọ́n kò wọ ẹnu èyí: ilé iṣẹ́ yìí to ẹnu wáyà mẹ́fà rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Tiwọn jẹ́ ₦38,000, bí ó bá wà ní sìtọ́ọ̀kù. Ó tì wá lójú fún wọn, nítorí àwòrán wáyà inú ìwé ìlò kò bá èyí tó wà lára ẹ̀rọ mu. Oníríwáyà tó mọ iṣẹ́ lè fi mítà wá wáyà méjì tó ń ka fóltì, méjì tó ti kọ́ìlì kékeré wá, àti méjì tó lọ sí kábọ́ọ̀nù, kí ó sì so AVR ọjà mọ́ ọn. Ẹ wà níbẹ̀ kí ó máa ṣe é. Bí ó bá yí ẹ̀gbẹ́ wáyà kábọ́ọ̀nù po, iná lè má jáde rárá.

Ibi ìtúnṣe kan ṣoṣo ni wọ́n ní, lágbègbè Ìkẹjà. Wọn kì í wá sílé. Ẹni tó ń gbé Ajah yóò gbé kílò 47 gba orí afárá wá, yóò sì san ₦10,000 fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, bí wárántì tilẹ̀ wà. Nọ́ńbà tó wà lára páálí máa ń dún títí á fi gé. Lórí Wásáàpù, àmì á di búlúù, ìdáhùn kò ní dé. Ká má parọ́ mọ́ wọn: àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà ní kántà mọ ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì ń sọ òótọ́. Ohun tí wọn kò ní ni ohun èlò.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí káàdì wárántì, kí ọjọ́ sì wà níbẹ̀. Láìsí òǹtẹ̀, Ìkẹjà kò ní dá yín lóhùn. Ẹ wò ó bí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì bá bá ti páálí mu. Ẹ ná AVR kan mọ́ iye rẹ̀ lọ́wọ́ kan náà, torí ọjọ́ tí ẹ wà níbẹ̀ yẹn nìkan ni olùtajà ń gbọ́ tiyín. Ẹ gbé e sí ìta, kí èéfín rẹ̀ má wọ yàrá.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti ṣe ohun tí káàdì sọ, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, kì í ṣe ìpè nìkan. Ìwé yẹn, rísíìtì, káàdì tó ní òǹtẹ̀ àti fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni ẹ máa gbé lọ sí LASCOPA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbèjà oníbàárà, tàbí sí FCCPC ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin 2018 dá sílẹ̀.