Ìbéèrè Kẹrin: Pílà C4 wọ ojú ilẹ̀kùn pálọ̀

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta 2025
Ilé alájà kan, Akóbọ̀, Ìbàdàn
Sí: Akitẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ yìí
Ẹ̀dà: Ẹnjiníà tó ya irin àti kọnkéré

Ẹ kú iṣẹ́, sà.

A ti parí ìpìlẹ̀, irin pílà sì ti yọ sókè. Nígbà tí a na okùn láti sàmì ojú ilẹ̀kùn ni a rí i pé àwòrán yín àti ti ẹnjiníà kò bára mu.

Nínú A-05 (àtúnṣe B), ilẹ̀kùn tó ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ pálọ̀ wà lórí ìlà 3. Ó fẹ̀ ní 900 mm, etí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 150 mm sí ìlà B. Nínú S-07 (àtúnṣe A), pílà C4 tó wà níbi tí ìlà 3 àti B ti pàdé jẹ́ 225 × 450 mm, 450 yẹn ló tẹ̀ lé ògiri, àárín rẹ̀ sì bọ́ sórí ìlà B gan-an. Ìyẹn ni pé 225 mm wà lápá kọ̀ọ̀kan, pílà sì jẹ 75 mm wọ ojú ilẹ̀kùn. 825 mm ló kù, a ò sì tíì fi férémù sí i. Àga pálọ̀ onílé kò ní gba ibẹ̀ wọlé. Iye tí a kọ sórí àwòrán la lò, a kò fi rúlà wọn pépà.

Ṣé a lè sún ilẹ̀kùn náà ní 150 mm kúrò lọ́dọ̀ pílà? Àyè wà níbẹ̀ kí a tó kan ògiri yàrá ìkó-nǹkan-sí, 75 mm yóò sì kù láàárín pílà àti ilẹ̀kùn. Yíyí pílà kò sí lọ́wọ́ wa. Irin rẹ̀ ti dúró nínú kọnkéré, ẹnjiníà nìkan ló lè sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ohun kejì kò kánjú tó bẹ́ẹ̀. Bíìmù orí pálọ̀ jìn ní 600 mm nínú S-09, dẹ́kìn sì wà nínú rẹ̀. Láti ilẹ̀ dé orí dẹ́kìn jẹ́ 3,000 mm, nítorí náà abẹ́ bíìmù wà ní 2,400. Ṣùgbọ́n A-08 fi sílíìnì sí 2,700, kò sì fi bíìmù kankan hàn. Ṣé kí bíìmù yọ 300 mm sísàlẹ̀ sílíìnì ni, àbí kí a sọ gbogbo sílíìnì kalẹ̀ sí 2,400? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ẹnjiníà jíròrò rẹ̀. A kò ní dín bíìmù kù fúnra wa.

Àtẹ̀gùn náà ńkọ́? A-06 ka ìgbésẹ̀ 20, S-10 ka 18, 150 mm sì ni àwọn méjèèjì kọ sí ìgbésẹ̀ kan. 20 ló pé 3,000.

Àwọn káfíńtà yóò bẹ̀rẹ̀ pákó pílà ní Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta, a ó sì da kọnkéré lọ́jọ́ kejì. Bí ìdáhùn yín lórí C4 bá dé ọwọ́ wa kí Ọjọ́ Ẹtì, 14, tó parí, iṣẹ́ kò ní dúró. A ti ní kí bíríkìlà má fọwọ́ kan ògiri ìlà 3. Ẹ jọ̀ọ́ sà, lórí ìwé ni kí ẹ ti dáhùn, pẹ̀lú àwòrán tí ẹ ti tún ṣe. Ti orí fóònù kò ní tó.

Fọ́tò irin C4 àti okùn tí a nà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ẹ ṣeun, sà.
Ẹnjiníà ojú iṣẹ́