Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi Nípa Ìwé Tí Mo Fẹ́ràn Jù Lọ

Ilé Kọkàndínlógún,
Òpópónà Ìbàdàn,
Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Karùn-ún, Ọdún 2024.

Rọ́fíà ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àti ìyá rẹ ńkọ́? Àbúrò rẹ tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ká lọ́jọ́ kan ṣoṣo ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ àgbàdo báyìí? Ara gbogbo wa le níbí, àfi òjò tí kò jẹ́ kí aṣọ ráyè gbẹ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Èmi ni mo jẹ̀bi pé n kò tètè fèsì sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, jọ̀wọ́ má bínú.

O ní kí n sọ ìwé tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti kà, kí n má sì dárúkọ ìwé tí olùkọ́ fipá mú wa kà. Ọ̀rọ̀ rẹ yìí fẹ́ ká mi mọ́, nítorí pé wọ́n ti fi ìwé tí mo fẹ́ dárúkọ yìí kọ́ wa rí. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé kíláàsì wa ni mo ti mọ̀ ọ́n nílé. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni. D. O. Fágúnwà, olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Òkè-Igbó, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 1938. Ó tún kọ àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, bí Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó. Mo ti ka méjèèjì. Wọ́n dùn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, wọn kò dùn tó ti àkọ́kọ́.

Ìyá Àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, ló ni ẹ̀dà tí a ní nílé. Ìsarà-Rẹ́mọ ló ti wá, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń gbé báyìí. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀ ni ìwé náà máa ń wà, òórùn káńfọ̀ sì ti wọ inú rẹ̀. Kò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́, eku ti jẹ igun kan, òwú dúdú ni wọ́n sì fi rán an pọ̀ bí ẹni rán aṣọ. Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣe bàìbàì, kò lè kàwé mọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń pè mí ní alẹ́ tí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí tẹlifíṣọ̀n ò sì ráyè sọ̀rọ̀. Èmi á gbé tọ́ọ̀ṣì lé èjìká, òun á gbé abọ́ gààrì rẹ̀ lé itan, èmi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, kíá ni mo ń kà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyá Àgbà fi ṣíbí kan abọ́ ko, ó ní, “Bùkọ́lá, ṣé ìwé owó iná lò ń kà fún mi ni?” Ó ní kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àmì ohùn ti pa rẹ́ níbi púpọ̀ nínú ẹ̀dà náà, bí mo bá sì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, á dá mi dúró. Mo pe ọkọ́ ní ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ta ló ń wa ọkọ̀ nínú oko ọlọ́kọ́. Rọ́fíà, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé etí ni Fágúnwà kọ ìwé rẹ̀ fún. Kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan kó fi í sílẹ̀. Á sọ ọ́, á tún un sọ lọ́nà mìíràn, á wá fi òwe dè é mọ́lẹ̀. Bí o bá fi ojú lásán kà á, ó lè sú ọ. Bí o bá ké e síta, ẹsẹ̀ rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀.

Ìtàn náà nìyí ní ṣókí. Bàbá arúgbó kan wá bá òǹkọ̀wé, ó ní kó mú ìwé àti kálàmù, kó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Àkàrà-ògùn ni orúkọ bàbá náà. Ọdẹ ni bàbá tó bí i, àjẹ́ sì ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dá nìkan wọ Igbó Irúnmalẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan. Níbẹ̀ ló ti bá Àgbákò jìjàkadì, ìyẹn iwin tó ní ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká. Àbúrò mi ọkùnrin gbọ́ ibẹ̀, ó lọ fi èédú ya Àgbákò sí ara ògiri ilé ìdáná wa. Mẹ́sàn-án péré ni ojú tó rí àyè yà kí ìyá wa tó wọlé bá a, òun náà ló sì fi kànrìnkàn fọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ìrìn kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ọba rán Àkàrà-ògùn sí Òkè Láńgbòdó, ó sì kó àwọn akọni ọdẹ jọ, gbogbo wọn jẹ́ méje. Kàkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀dóyè tí ààjà gbé lọ ní kékeré wà níbẹ̀, òun ni ọlọ́gbọ́n wọn. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Èfòìyẹ̀ ń ta ọfà. Bí ooru bá mú gbogbo ayé, òtútù ni yóò máa mú Àràmàdà-okùnrin ní tirẹ̀. Olóhùn-iyọ̀ ni tèmi nínú wọn, nítorí pé orin ló fi ń jagun. Nígbà tí agbára àwọn yòókù bá pin, á kàn lu ìlù, á kọrin, ijó á sì gba ìjà lọ́wọ́ ọ̀tá.

Ohun tó jẹ́ kí n má lè gbàgbé ìwé yìí láéláé ni mo fẹ́ sọ fún ọ wàyí. Ewé mẹ́ta ti já kúrò nínú ẹ̀dà Ìyá Àgbà, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọdẹ náà jọ gan-an. Nígbà tí mo débẹ̀, mo dákẹ́. Ìyá Àgbà ní kí ló dé, mo ní kò sí ìwé mọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìsarà, olùkọ́ àwọn máa ń ka ìwé yìí fún àwọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òun sì mọ ibẹ̀ sórí. Ó gbé abọ́ gààrì sílẹ̀, ó di ojú, ó sì ń sọ ọ́ lọ. Bó ṣe wá rí lẹ́nu rẹ̀ ni pé, nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Kàkó, obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ lọ. Kàkó bẹ̀ ẹ́ títí. Obìnrin náà sunkún, ó tú ọwọ́ rẹ̀, ó fi gààrì sínú àpò fún un, ó sì dúró sójú ọ̀nà títí tí kò fi rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Ó dùn mọ́ mi gan-an.

Lẹ́yìn oṣù bíi márùn-ún, a bẹ̀rẹ̀ ìwé náà ní kíláàsì, mo sì rí ẹ̀dà tó pé. Ojú ìwé yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣí. Rọ́fíà, Kàkó kò bẹ ẹnikẹ́ni! Obìnrin náà dì mọ́ ọn, ó ń sọ ìyà tí wọ́n ti jọ jẹ, Kàkó sì yọ àdá, ó ṣá a pa, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. N kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Ìyá Àgbà pé ohun tí mo rí nínú ìwé yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Wọn kò wo ojú mi. Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ni ibẹ̀ yẹn ti ń dùn mí. Ìwé Fágúnwà ni tiẹ̀. Lẹ́nu tèmi, kò ní í pa á.” Wọ́n sì ń ṣa ẹ̀gúsí wọn lọ.

Mo ti rò ó títí. Olùkọ́ wa ní ńṣe ni Fágúnwà fẹ́ fi hàn wá bí ọkàn Kàkó ṣe le tó sí iṣẹ́ tí ìlú rán an. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Látọjọ́ yẹn ni Kàkó ti bọ́ lójú mi. Ohun mìíràn tí n kò fẹ́ràn ni ìparí ìwé, níbi tí Ìrágbèje ti kó wọn wọ ilé rẹ̀ olójúlé méje, tó sì fi ọjọ́ méje gbáko kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́. Ìtàn inú rẹ̀ dára o, àmọ́ ìwàásù ti pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti sun oorun, èmi náà sì fo ojú ìwé mélòó kan. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bí o bá fẹ́ mọ bí Igbó Irúnmalẹ̀ ṣe rí lójú mi, mo ti débẹ̀. Wọ́n kó wa lọ wo Erédò Súngbọ́ lọ́dún tó kọjá, ní Òkè-Ẹ̀rí, tí kò jìnnà sí wa. Yàrà tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ ni, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, ògiri ilẹ̀ pupa ga sókè lọ́tùn-ún lósì, ewédò bo ara rẹ̀, gbòǹgbò igi sì ń rọ̀ wálẹ̀ bí irùngbọ̀n. Òkùnkùn bo ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo ń wo ẹ̀yìn ni, bóyá màá rí ojú mẹ́rìndínlógún.

Ó yẹ kí n fi èyí kún un, nítorí pé Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí a gbàgbé: Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà, ló túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Fágúnwà nílé wa, Ìyá Àgbà á ní àwọn ará Ìsarà ló gbé e dé òkè òkun.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ìwọ tí o ń gbé ní Bídà sún mọ́ Fágúnwà ju bí o ti rò lọ. Wuya, lẹ́bàá Bídà níbẹ̀ yẹn, ni omi ti gbé e lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Bí bàbá rẹ bá tún ń kó ọjà gba ọ̀nà Wuya, jọ̀wọ́ bá wọn lọ, kí o sì wo odò náà fún mi. Kọ bó ṣe fẹ̀ tó àti bí àwọ̀ omi rẹ̀ ṣe rí. Ìyá Àgbà ti ń bi mí léèrè.

Ọdún Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí àwọn òbí rẹ bá gbà fún ọ, wá bá wa ṣe Ojúde Ọba. Ìkọ́kọrẹ́ á wà nílẹ̀, Ìyá Àgbà á sì ka ojú ìwé tó já yẹn fún ọ láti orí. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,

Adébùkọ́lá Odùfúwà.