Lẹ́tà sí onílé àti ayálégbé lórí ìdáwó kànga dẹ̀rọ àdúgbò

Ìgbìmọ̀ Omi,
Àdúgbò Lẹ́yìn Òkè, Ọ̀nà Òkéné,
Kàbbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.
6 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin ayálégbé,

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌFỌWỌ́SÍ YÍN LÓRÍ ÌDÁWÓ KÀNGA DẸ̀RỌ

Okun o, gbogbo ilé. Ìgbìmọ̀ tí ẹ yàn ní ìpàdé oṣù Kẹfà pé kí ó lọ wádìí bí àdúgbò wa ṣe lè ní omi tirẹ̀ ti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán an, àbọ̀ rẹ̀ sì nìyí. A ń bẹ̀ yín pé kí onílé kọ̀ọ̀kan gbà láti san ₦100,000, kí ìdílé ayálégbé kọ̀ọ̀kan sì san ₦20,000, díẹ̀díẹ̀, kí a lè gbẹ́ kànga dẹ̀rọ kan tí yóò máa fi oòrùn ṣiṣẹ́. A kò tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a kò sì ní gbà á àyàfi tí ilé méjìdínlógójì bá fọwọ́ sí i, èyí tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tó wà ní àdúgbò wa lọ.

Ẹni tó ń jẹ ìyà omi kò nílò kí a máa ròyìn rẹ̀ fún un. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí oṣù Kìíní bá ti wọlé, korobá tí a bá jù sí kànga ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kì í gbé omi wá mọ́, ẹrẹ̀ pupa ló ń gbé wá, àwọn ìyá tó bá sì fẹ́ rí èyí tó mọ́ díẹ̀ ní láti ti débẹ̀ kí àkùkọ tó kọ. Àwọn mẹ̀rúwà tó ń fi ọmọlanke ti omi kiri ta kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ₦150 fún wa ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ìdílé tó bá ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta péré lójúmọ́ fún mímu àti oúnjẹ sísè, láìka ti aṣọ fífọ̀, ná ₦13,500 lóṣù, ó sì ná ₦67,500 láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin. Owó tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ayálégbé kò tó èyí tí ó fi ra omi ní oṣù méjì. Ti onílé kò sì tó ti ẹ̀ẹ̀rùn méjì.

Àwọn kan nínú ìpàdé sọ pé jẹnẹrétọ̀ àjọni ni kí a kọ́kọ́ rà, nítorí pé iná kò dúró, àti pé bí iná bá wà, kálukú lè fa omi láti inú kànga ara rẹ̀. A gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa, a kò kàn tì í sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kò lè fa omi tí kò sí nínú kànga. Lẹ́yìn èyí, jẹnẹrétọ̀ 10 kVA máa ń mu epo dísẹ́ẹ̀lì bíi lítà méjì ní wákàtí kan; tí a bá ń tàn án fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, tí a sì ka lítà kan sí ₦1,100, owó epo nìkan yóò jẹ́ ₦198,000 lóṣù, láìtíì sọ ti ọ́ìlì àti àtúnṣe. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sí ẹni tí kò mọ bí owó jẹnẹrétọ̀ ilé ṣe rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àjọni tí èdè-àìyedè yóò máa ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tó kan láti ra epo. Èrò wa ni pé kí a fi ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀ ná, kí a yanjú ti omi.

Kí ẹ lè mọ ibi tí owó yóò wọlé sí, a kàn sí agbẹ́kànga mẹ́ta, a sì mú ìwé iye owó èyí tó wà láàárín, nítorí pé ẹni tí tirẹ̀ kéré jù kọ̀ láti kọ iye mítà tí òun yóò gbẹ́ sínú ìwé. Àyẹ̀wò ilẹ̀ yóò gba ₦150,000. Gbígbẹ́ mítà 70, ní ₦25,000 fún mítà kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ₦1,750,000. Páìpù inú kànga, fífọ kànga mọ́ àti dídán bí omi rẹ̀ ṣe pọ̀ tó wò jẹ́ ₦650,000. Pọ́ńpù pẹ̀lú wáyà rẹ̀ jẹ́ ₦980,000, pánẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́jọ jẹ́ ₦1,040,000, òpó irin tí tánkì yóò dúró lé jẹ́ ₦1,100,000, tánkì onílítà 5,000 méjì sì jẹ́ ₦560,000. Ẹnu ẹ̀rọ omi, kọnkéré àti ọgbà tó yí i ká jẹ́ ₦620,000, gbígbé omi lọ fún àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún sì jẹ́ ₦60,000. A fi ₦690,000 sílẹ̀ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦7,600,000.

Nínú ilé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, a yọ mẹ́rin sílẹ̀, tí ó jẹ́ ti àwọn ìyá àgbà tí kò ní ẹni tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọn yóò pọn omi bí gbogbo ènìyàn. Ilé méjìléláàádọ́ta tó kù yóò mú ₦5,200,000 wá, ìdílé ayálégbé méjìdínlọ́gọ́rin yóò sì mú ₦1,560,000 wá. Ọmọ àdúgbò wa kan tó ń gbé ní Àbújá ti ṣèlérí ₦500,000, a sì lè yọ ₦340,000 láti inú owó ọdẹ tó wà ní báńkì láìsí pé owó oṣù àwọn ọdẹ yóò dúró. Owó náà pé.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ rèé. Orí àpáta ni gbogbo agbègbè Kàbbà wà. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa kì í ṣe odò tó ń ṣàn káàkiri ìsàlẹ̀ tí ẹni tó bá ṣáà ti gbẹ́lẹ̀ jìn yóò bá. Inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta àti inú ibi tí àpáta ti sán ló máa ń gbà jọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnìkan fi lè gbẹ́ kànga kí omi tú, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ ní ìwọ̀n ilé mẹ́ta sí i kó bá erùpẹ̀ gbígbẹ. Nítorí náà, a kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn fi ẹsẹ̀ júwe ibi tí wọn yóò gbẹ́. Àyẹ̀wò ilẹ̀ yóò ṣáájú, onímọ̀ ilẹ̀ yóò sì yan ojú méjì fún wa, àkọ́kọ́ àti ìkejì. A ti bá agbẹ́kànga sọ ọ́, yóò sì wà nínú ìwé àdéhùn, pé bí ojú àkọ́kọ́ kò bá ní omi, ìdajì owó gbígbẹ́ la máa san, ìyẹn ₦875,000, pọ́ńpù àti páìpù kò sì ní wọlẹ̀ rárá. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ yóò dúró, a ó pe ìpàdé, a ó sì gbé ìṣirò síwájú yín. Ìgbìmọ̀ kò ní àṣẹ láti dá owó kejì lé ẹnikẹ́ni lórí láìsí ìfọwọ́sí tuntun. Ó ṣeé ṣe kí omi má sí níbẹ̀, a kò lè fi ìyẹn pamọ́ fún yín, àmọ́ àyẹ̀wò ilẹ̀ máa ń dín ewu náà kù gan-an.

Nítorí ìdí kan náà, àárín oṣù Kẹta ọdún 2026 la fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Kànga tí a bá gbẹ́ nígbà òjò lè fi omi púpọ̀ tan ènìyàn jẹ; èyí tó bá fún wa ní omi nígbà tí ilẹ̀ gbẹ jù lọ ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ilẹ̀ tí ìdílé kan fi tọrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 50, jìnnà ju mítà 30 lọ sí ṣálángá àti ihò ìdọ̀tí tó súnmọ́ ọn jù. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n, a ti ní kí àwọn àgbà ìdílé náà fọwọ́ sí ìwé, kí àwọn ọmọ wa má baà jìyà rẹ̀ lọ́la.

Ní ti sísan owó, a mọ̀ pé owó ilé-ìwé ṣì wà lọ́rùn àwọn òbí lóṣù yìí. Onílé yóò san ₦40,000 kí oṣù Kẹwàá tó parí, ₦40,000 kí oṣù Kìíní tó parí, àti ₦20,000 ní ìparí oṣù Kẹta, nígbà tí kajú bá ti di owó. Ayálégbé yóò san ₦10,000 ní oṣù Kẹwàá àti ₦10,000 ní oṣù Kìíní. Bí ayálégbé bá kó jáde kí ẹ̀rọ tó máa ṣiṣẹ́, a ó dá owó rẹ̀ padà fún un. A kò kọ nọ́ńbà àkáùntì sínú lẹ́tà yìí, nítorí pé ẹ kò tíì fọwọ́ sí ohunkóhun. Nígbà tí ẹ bá fọwọ́ sí i, a ó ṣí àkáùntì tí ènìyàn mẹ́ta yóò máa fọwọ́ sí kí owó tó jáde, ọ̀kan nínú wọn yóò jẹ́ ayálégbé, ọ̀kan yóò sì jẹ́ obìnrin. Ẹni tó bá sanwó yóò gba rísíìtì, a ó sì máa lẹ ìṣirò mọ́ ara ògiri ilé ìpàdé lóṣooṣù.

Tánkì méjèèjì yóò gba lítà 10,000, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 400. Ó túmọ̀ sí bíi kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta fún ìdílé kan lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì ní sí omi fún búlọ́ọ̀kù mímọ tàbí fífọ ọkọ̀ ní àsìkò náà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò máa san ₦1,000 lóṣù fún ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ àti fún àtúnṣe, nítorí pé pọ́ńpù kì í wà títí ayé. A kì í ṣe ìjọba, a kò lè fi ipá gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ̀, a kò sì ní ti ẹnikẹ́ni lẹ́nu ẹ̀rọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa ra kẹ́ẹ̀gì kan ní ₦50.

Ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí yóò wáyé ní ọjọ́ Sátidé, 27 oṣù Kẹsàn-án, 2025, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ilé ìpàdé. Ṣáájú ọjọ́ náà, akọ̀wé yóò gbé ìwé ìfọwọ́sí dé ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè kọ pé ẹ gbà, ẹ lè kọ pé ẹ kò gbà, ẹ sì lè kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí a yí padà sábẹ́ rẹ̀. Àwọn onílé tí kò gbé nílé lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tó ń bójú tó ilé wọn, a ó sì kà á sókè ní ìpàdé. Ìwé iye owó láti ọ̀dọ̀ agbẹ́kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ akápò fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó.

Àwa ni tiyín,

Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
Lórúkọ Ìgbìmọ̀ Omi, Àdúgbò Lẹ́yìn Òkè.