Ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi máa tún ìdánwò línìà áljẹ́brà ṣe

34 nínú 100 ni mo gbà nínú ìdánwò náà, 40 ni wọ́n fi ń yege. Mo gba ìwé ìdáhùn mi padà mo sì jókòó ka ibi tí máàkì gbà jò jáde: 11 lọ sórí ìṣirò lásán, ìyẹn ibi tí mo ti mọ ohun tó yẹ kí n ṣe àmọ́ tí mo kọ 3 níbi tó yẹ kó jẹ́ -3. 18 lọ torí mi ò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bèèrè. Prúùfù tí mo ń pariwo kiri pé òun ló pa mí, 9 péré! 28 yòókù, mi ò débẹ̀ rárá, àsìkò ti tán. Torí náà kò sí kíka nóòtù bí ìwé ìtàn mọ́, bírò lọ́wọ́ ni.

Mọ́ńdè sí Fúráìdeè, wákàtí méjì láàárọ̀, fóònù á wà ní yàrá kejì. Sátidé, wákàtí mẹ́ta, páàsì-kúẹ́ṣìn nìkan. Sọ́ńdè, ìsinmi, mo mọ ara mi.

Ọ̀sẹ̀ 1: ríro ìlà mátíríìsì wálẹ̀, ìyẹn yíyọ ìlà kan kúrò lára òmíràn títí òdo á fi kún ìsàlẹ̀. Ibí ni gbogbo nǹkan gbà kọjá, yíyanjú Ax = b o, ìnfáàsì o, ráǹkì o, béésìsì o. Mátíríìsì mẹ́rin lójúmọ́, kò sí kalikulétọ̀, màá sì máa kọ ohun tí mo ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan (R2 - 3R1), torí ìgbà tí mo ń ṣe é lórí ni àmì ń sọnù. Tí mo bá ti rí ìdáhùn, màá dá a padà sínú ìbéèrè kí n wò ó bóyá ó bára mu. Tí ìlà kan bá di 0 0 0 | 5, kò sí ìdáhùn, kí n kọ bẹ́ẹ̀ kí n sì máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ 2: fẹ́ktọ̀ sípéèsì. Máàkì 18 yẹn wà níbí. Sípáánì, béésìsì, sọ́bùsípéèsì, àwọn fẹ́ktọ̀ tí kò gbára léra wọn: ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí káàdì, ìtumọ̀ lẹ́yìn, pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan tó bá a mu àti èyí tí kò bá a mu. Bí àpẹẹrẹ, x + y = 1 kì í ṣe sọ́bùsípéèsì torí òdo ò sí lórí ẹ̀, ìlà kan péré ni ìdáhùn yẹn, èmi kọ ojú ìwé kan gbáko tó jẹ́ irọ́. Pańpẹ́ mìíràn: béésìsì kọ́lọ́mù, inú A gangan la ti ń mú un, kì í ṣe inú èyí tí a ti rò wálẹ̀, èyí tí a rò wálẹ̀ kàn ń sọ kọ́lọ́mù tí a máa mú ni. Tí kọ́lọ́mù bá jẹ́ 5 tí ráǹkì jẹ́ 3, nọ́ọ̀lì sípéèsì ní dáímẹ́nṣọ̀n 2.

Ọ̀sẹ̀ 3: dítámínántì. Ọjọ́ mẹ́ta tó. Tí a bá pààrọ̀ ìlà méjì, àmì yí padà. Tí a bá fi ìlà kan kún òmíràn, kò yí. Ọjọ́ méjì tó kù, mátíríìsì tó ń gbé fẹ́ktọ̀ láti ibì kan síbòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ 4: áígẹ́nfálù. Wọn kì í fi í sílẹ̀ nínú ìdánwò. det(A - λI) = 0 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ríro wálẹ̀ ọ̀sẹ̀ 1 fún λ kọ̀ọ̀kan. Tí A bá jẹ́ [[2,1],[1,2]], λ jẹ́ 3 àti 1, fẹ́ktọ̀ wọn (1,1) àti (1,-1). Kí n tó ṣí ojú ìwé kejì: àròpọ̀ àwọn λ gbọ́dọ̀ jẹ́ 2 + 2, ìlọ́po wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ dítámínántì. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nìyẹn, ì bá ti gbà mí là. Nílé, kọ̀ǹpútà á bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

```
import numpy as np
A = np.array([[2, 1], [1, 2]])
print(np.linalg.eigvals(A))
```

Kí n má gbàgbé [[1,1],[0,1]] o, λ = 1 ló jáde lẹ́ẹ̀mejì àmọ́ ìlà áígẹ́nfẹ́ktọ̀ kan ṣoṣo ló ní, kò ṣeé sọ di dáyágónà.

Ọ̀sẹ̀ 5: dọ́ọ̀tì, projẹ́kṣọ̀n, Gírámù-Ṣímítì, prúùfù. Òjìji (3,4) lórí (1,1) ni (3.5, 3.5), èyí tó ṣẹ́ kù ni (-0.5, 0.5), dọ́ọ̀tì ẹ̀ pẹ̀lú (1,1) gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Prúùfù, ọjọ́ méjì péré, màá bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn pẹ̀lú kíkọ ìtumọ̀ sílẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ìdajì iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 6: Ìdánwò àfidánrawò mẹ́ta, Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè, Fúráìdeè, wákàtí mẹ́ta pérépéré pẹ̀lú aago. Ìbéèrè tí mi ò bá yanjú láàárín ìṣẹ́jú 25, màá fò ó. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá tún ṣe kìkì ibi tí mo ti kùnà.

Tí ọjọ́ kan bá bọ́ sọnù, inú ọ̀sẹ̀ 5 ni màá ti jí i, mi ò ní fọwọ́ kan ọ̀sẹ̀ 1 àti 4. Mátíríìsì mẹ́rin àkọ́kọ́ ti wà lórí tábìlì, Mọ́ńdè, aago méje.