Ìyá Àyọ̀, jẹ́ ká sọ ọ́ lálẹ́

Ìyá Àyọ̀,

Mo rí i pé o pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe pé mò ń sá fún ọ. Inú mi ṣì ń ru, mo sì mọ irú ohùn tí màá fi dáhùn bí mo bá gbé e báyìí. Lórí Wọ́sáàpù náà, bí mo bá kọ "mo ti gbọ́" lásán, á dà bí èébú, torí o ò gbọ́ ohùn mi.

Ohun kan wà tí kò nílò àlàyé: kò yẹ kí n jágbe mọ́ ọ níwájú àwọn ọmọ. Má bínú. Mo rí Àyọ̀ bó ṣe di búrẹ́dì mú tí kò jẹ ẹ́ mọ́. Ti owó sukúù, 45,000 náírà ni mo yọ nínú 120,000 tí a kó jọ, mo fi tún gíà mọ́tò ṣe. Ó yẹ kí o gbọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ sọ ìdí tí mi ò fi sọ, àmọ́ kì í ṣe lórí ìdúró bíi tàárọ̀ yìí.

Ṣé a lè jókòó ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ òní, tí àwọn ọmọ bá ti sùn? Kó má jẹ́ gẹ́rẹ́ tí mo bá wọlé o, ebi àti gósílò ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá nílé wa. Pálọ̀ ni ká lò, ká má gbé ìjà lọ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ tìrẹ. Mi ò ní já lu ọ̀rọ̀ rẹ, bó tilẹ̀ gba ogún ìṣẹ́jú. Màá tún ohun tí mo gbọ́ sọ, kí o bá mi tún un ṣe bí mo bá ṣì í gbọ́, kí n tó sọ tèmi. Jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ owó yìí nìkan. Mo mọ̀ pé ti ìkómọ èṣí ṣì wà nínú rẹ, òun náà á ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ohùn ẹnikẹ́ni bá ti ń lọ sókè, kí ẹnì kejì ní "ó tó", ká sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ká sì padà wá jókòó. Ká padà o, kì í ṣe ká sùn lọ bíi tìjọ́sí.

Màá mú ìwé ìnáwó dání. Oníbàárà kan máa san 25,000 fún mi lọ́jọ́ Ẹtì. 20,000 tó kù ni ká jọ wò.

Bí ara rẹ ò bá tíì rọ̀, kọ "ọ̀la" sí mi, mi ò ní bèèrè ìdí. Kó ṣáà má kọjá ọ̀la, torí ọjọ́ Ajé ni wọ́n á gbowó. Mi ò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, jọ̀ọ́ má tíì pe Màmá.

Èmi ni màá lọ mú àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ní aago mẹ́rin. Mo pa gáàsì lábẹ́ ẹ̀wà nígbà tí o wọ yàrá. Kò tíì rọ̀, bu omi ife kan sí i kí o tó tan iná padà.