Ìdí tí n kò fi fọwọ́ sí i pé kí bàálù náà fò

Háńgà Àtúnṣe,
Ìkẹjà, Èkó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 2024

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Iṣẹ́ àti Ìrìnnà

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú ojúmọ́ o. Nígbà tí ẹ pè mí ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ ní, “Ṣebí epo lásán ni, ẹ fi kún un kó máa lọ.” Ẹ sì ní tí mo bá kọ̀, kí n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Òun ni mo jókòó kọ yìí. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi.

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ bàálù náà pé kò gbọdọ̀ gbéra. Ètò háídírọ́líìkì mẹ́ta tó ń fi agbára epo sún nǹkan ló wà nínú bàálù náà: A, B àti ọ̀kan tó wà ní ìpamọ́. Epo B ló ń jò nínú ihò tí táyà ọ̀tún ń wọ̀ sí, ẹ̀ẹ̀kẹrin rẹ̀ sì nìyí láàárín àkókò tí kò tó oṣù kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ẹ̀bi tèmi wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù tó kọjá, ẹ̀kán kan ló ń kán ní ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́nu nọ́ọ̀tì tó so páìpù méjì pọ̀. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún nọ́ọ̀tì náà le, wọ́n dán an wò, kò kán mọ́. Ní ọjọ́ 17, ó ti di ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú kan. Èmi ni mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo tú u, mo pààrọ̀ sílì inú rẹ̀, mo dán an wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó gbẹ táútáú, mo buwọ́ lù ú. Ní ọjọ́ 24, ẹ̀kán mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n pààrọ̀ nọ́ọ̀tì náà pátápátá. Nínú gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, iye tó ń jò kò kọjá ohun tí AMM, ìwé ìlànà àtúnṣe bàálù náà, gbà láàyè, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi figbe ta. Àmọ́ ẹni tó bá to ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sójú kan á rí i pé nǹkan náà ń pọ̀ sí i ni. A kò tò ó jọ. Oníkálùkù ń wo tirẹ̀, ó ń lọ sílé.

Mo wá tò ó jọ lánàá. Mo ṣí ojú ìwé tí a ti ń kọ iye epo tí a fi kún un, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Lákọ̀ọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni epo B fi ń wálẹ̀ láti 98% sí 90%. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti Ẹtì sí Àìkú ni ó fi wálẹ̀ dé 81%. Lálẹ́ àná, 77% ni bàálù náà gbé dé láti Pọta. Tó bá ti wálẹ̀ kọjá 76%, RF á yọ lójú ẹ̀rọ níwájú páílọ́ọ̀tì, ìyẹn ni pé kí a lọ bu epo sí i.

Nígbà tó di aago mẹ́ta òru, èmi àti ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nu gbogbo ibẹ̀ mọ́ fínnífínní, a tan pọ́ńpù oníná B títí agbára fi dé 3000 psi. Ẹ̀kán mọ́kànlá ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́nu nọ́ọ̀tì tuntun yẹn náà. Inú bí mi, mo ní kí ọmọ náà gbé sípánà wá fún mi. Kó tó dé, mo ní kó kọ́kọ́ bá mi sún fúláàpù ẹ̀yìn ìyẹ́ bàálù sísàlẹ̀ láti iwájú níbi tí páílọ́ọ̀tì ń jókòó sí. Bí fúláàpù ṣe ń rìn, mo rí i tí páìpù náà fò díẹ̀ bíi ẹni tí ara rẹ̀ gbọ̀n, nǹkan kan sì fẹ́ fúù nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì mi, bí èéfín tín-ín-rín.

A kì í fi ọwọ́ wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Epo tó ń jáde ní 3000 psi láti ojú ihò abẹ́rẹ́ lè wọ inú ẹran ara, wọ́n á sì máa gé ìka ni. Mo ya etí páálí kan tí wọ́n fi di ẹrù, mo gbá a kọjá díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù náà. Lẹ́nu nọ́ọ̀tì, páálí rọ díẹ̀. Ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sókè, lábẹ́ kílápù tó di páìpù náà mọ́ ara ògiri, ìlà pọ́pù kan fà gbọọrọ sórí páálí náà bíi pé ẹnì kan fi bírò fà á.

Ọ̀gá, gbogbo wa la ti gbé ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò rí. Omi lè máa kán sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ihò páànù wà lókè ilẹ̀kùn, kí omi kàn máa gba ara igi wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn. Nọ́ọ̀tì kò jò rí. Róbà tó wà nínú kílápù ló ti jẹ tán, irin kílápù wá ń ha páìpù lára ní gbogbo ìgbà tí agbára bá wọ inú rẹ̀, epo ń gba ara páìpù wálẹ̀, ó ń kán lẹ́nu nọ́ọ̀tì. Tí a bá dán an wò láìsún fúláàpù, páìpù náà kì í gbọ̀n, ó sì máa ń gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta la tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ ní kí a fi epo kún un kó máa lọ, ohun tí mo gbọ́ ni pé kí páìpù tí irin ti ha lára máa gbé 3000 psi lọ sí Àbújá, kó padà, kó lọ sí Òwerrì, kó padà. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ kì í fi ẹ̀kán mọ́kànlá lọ sí ogún lọ sí ọgbọ̀n. Tó bá tó àsìkò, ó máa là lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Tó bá là lójú òfuurufú, bàálù náà kò ní já bọ́ o, n kò fẹ́ fi èyí dẹ́rù bà yín. Ètò A àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó wà ní ìpamọ́ ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ ètò A ní páìpù kan tó dúró nínú táńkì epo rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí gbogbo epo tán bí ìlà pọ́ńpù ẹ́ńjìnnì bá ń jò. B kò ní irú àánú yẹn. Pọ́ńpù rẹ̀ méjèèjì ń mu láti ojú kan náà, epo á lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí òdo. Bíréékì tí páílọ́ọ̀tì máa ń lò á bọ́, á wá di ti A tó jẹ́ àdípò. Fúláàpù á di èyí tí iná ń sún, tó máa ń falẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ sún un kọjá ìwọ̀n 15, ìyẹn ni pé eré tí wọ́n máa fi balẹ̀ á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n nílò á gùn sí i. Ọ́tòpáílọ́ọ̀tì B á kú. Ẹ wá wò ó pé inú oṣù Kejìlá la wà, ọyẹ́ ti fẹ́ dé, ọjọ́ míì á wà tí wọn kò ní rí ojú ọ̀nà bàálù títí wọ́n á fi sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí.

Iná ni ìdí kejì. Epo yìí kì í tètè gbiná bíi bẹntiróòlù, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó bá jáde bí ìkùukùu kò dà bí èyí tó wà nínú agolo, inú ihò kan náà yẹn sì ni táyà àti bíréékì gbígbóná ń padà wọ̀ sí lẹ́yìn tí bàálù bá gbéra.

Mo ní láti mẹ́nu ba Jẹ́dà. Ọjọ́ 11 oṣù Keje, 1991, DC-8 kan gbé àwọn alálàájì wa kúrò níbẹ̀, ó ń bọ̀ ní Sókótó. Afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ kò tó. Àwọn mẹkáníìkì mọ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣe é, àmọ́ ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní àkókò ti lọ. Táyà gbiná lórí ilẹ̀, wọ́n ká a wọlé pẹ̀lú iná, iná náà jẹ àwọn páìpù háídírọ́líìkì run nínú ihò táyà. Ènìyàn 261 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè. Ọ̀rọ̀ “àkókò ti lọ” yẹn ni mo gbọ́ lẹ́nu yín láàárọ̀ yìí, mo mọ̀ pé ẹ kò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe bíi pé n kò gbọ́.

Mo ti wá a nínú MEL, ìwé tó ń sọ ohun tó lè bàjẹ́ kí bàálù ṣì fò, bóyá ọ̀nà kan wà tí a lè fi sún un síwájú. Kò sí. Ọ̀gá alẹ́ dábàá pé kí a gé ibi tó bàjẹ́, kí a fi sílíìfù so ó. Ibi tó gún régé ni ìwé gbà kí a ṣe ìyẹn sí. Ibi tó tẹ̀ kọdọrọ ni ihò yìí wà. Ẹni tó sì ní kí a fi tépù wé e, ẹ má jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀.

Ohun tí mo nílò: páìpù tuntun pẹ̀lú kílápù méjì, kò sí nínú sítọ́ọ̀, ẹni tó ń tà á fún wa ní òun lè gbé e dé láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ní àárín ìgbà yẹn a ó tú gbogbo kílápù inú ihò méjèèjì wò, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọlé, páìpù A náà sì gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Tí páìpù bá ti wọlé, ọjọ́ iṣẹ́ kan ló kù, pẹ̀lú sísún fúláàpù lọ sókè sódò nígbà ìdánwò, kì í ṣe kó kàn dúró gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo mọ̀ pé owó ni, mo sì mọ̀ pé àwọn èrò Kérésìmesì ti sanwó. Bàálù tó wà ní àyẹ̀wò ńlá á jáde lọ́jọ́bọ̀ tí ẹ bá gbà kí n kó ènìyàn mẹ́ta láti ibí lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìrìnnà Àbújá aago méje àti ti aago mẹ́sàn-án, a lè pa wọ́n pọ̀ lónìí, kò sí èyí tó kún nínú méjèèjì. Ìyókù, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Tí ẹ bá rí ẹlòmíì tó ní láísẹ́ńsì tó gbà láti buwọ́ lù ú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní lẹ́tà yìí kà kó tó mú bírò. Mo ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ààbò, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin wa ṣe wí, kì í ṣe láti fi yín sùn.

Páálí tó ní ìlà pọ́pù lára wà nínú ọ̀rá, mo so ó pọ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án, kí ẹ wá fi nu ojú. Epo yẹn máa ń ta. Mo ń lọ sùn, ṣùgbọ́n fóònù mi kò ní kú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Adéọlá
Ẹnjiníà àtúnṣe bàálù, iṣẹ́ òru